Ṣé O Mọ̀? Tẹ́tẹ́ Oníhà Méjì, Ewu Inú Rẹ̀, àti Ìdí Tí Ilé Tẹ́tẹ́ Kì Í Fẹ́ Ẹni Tó Ń Jẹ Lemọ́lemọ́

Ọ̀rọ̀ kan máa ń ti London dé Niangon, bóyá lẹ́nu ẹni tó wá kí àwọn ará ilé, bóyá lórí Wáàsáàpù: pé ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà ta tẹ́tẹ́ tí kò fi ní pàdánù, ẹgbẹ́ yòówù kó borí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ òótọ́ yẹn ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ọjà rẹ̀ sí i, ó yẹ kó mọ ìyàtọ̀ ibi méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé èrè inú ọgbọ́n yìí kì í ti inú bọ́ọ̀lù wá rárá?

Ọgbọ́n náà la ó máa pè ní tẹ́tẹ́ oníhà méjì níbí. Bó ṣe rí nìyí: o ta tẹ́tẹ́ ní ilé kan pé Nàìjíríà yóò borí, lẹ́yìn náà o lọ sí ibòmíràn, o ta tẹ́tẹ́ pé Nàìjíríà kò ní borí. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá parí, ìhà kan á jẹ, ìkejì á kú, owó méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Títí dé ibí yìí, o kò tíì jèrè kọ́bọ̀. Ohun tó ń mú èrè wá ni ẹ̀bùn tí ilé tẹ́tẹ́ ń fún oníbàárà tuntun, ìyẹn tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí bónọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìhà kejì ni láti sọ ẹ̀bùn yẹn di owó tó ṣeé gbà sọ́wọ́. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀bùn, kò sí èrè. Níbi tí kò bá ti sí ìhà kejì, tẹ́tẹ́ lásán ló kù.

Ṣé o mọ̀ pé ọjà kan wà tí èèyàn ti lè di onílé tẹ́tẹ́ fún wákàtí kan?

Ní ọdún 2000, Andrew Black àti Edward Wray dá Betfair sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, kì í ṣe ilé ni o ń bá ta tẹ́tẹ́, oníbàárà ẹlẹgbẹ́ rẹ ni. Bí ìwọ bá ní Nàìjíríà yóò borí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbà láti sọ pé kò ní borí. Ilé náà kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kọ́míṣọ̀n ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ. Irú ọjà yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti ta tẹ́tẹ́ pé ẹgbẹ́ kan “kò ní borí”, tí ọ̀mì àti ìjákulẹ̀ rẹ̀ á sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Láìsí i, tẹ́tẹ́ oníhà méjì kò lè rọrùn bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àdánù ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí, pẹ̀lú ọ́ọ̀dì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní London sọ pé: fi pọ́n-ùn 20 ta tẹ́tẹ́, a ó fún ọ ní tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ pọ́n-ùn 20. O fi pọ́n-ùn 20 sí Nàìjíríà ní ọ́ọ̀dì 2.00. Ní ọjà tí oníbàárà ti ń bá oníbàárà ta, ọ́ọ̀dì “Nàìjíríà kò ní borí” wà ní 2.04, kọ́míṣọ̀n sì jẹ́ 2 nínú 100. Iye tí o máa fi síbẹ̀ ni pọ́n-ùn 19.80.

Bí Nàìjíríà bá borí, o jèrè pọ́n-ùn 20 ní ilé tẹ́tẹ́, o sì san pọ́n-ùn 20.59 ní ọjà kejì. Bí kò bá borí, pọ́n-ùn 20 rẹ lọ, ọjà kejì sì fún ọ ní pọ́n-ùn 19.40 lẹ́yìn kọ́míṣọ̀n. Èyí ó wù kó ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi 60 pẹ́ńsì ló sọnù. Owó ìwọlé nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò sí àdánù kankan nínú rẹ̀ kò tíì ṣe é rí.

Ṣé o mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ pọ́n-ùn 20 kì í ṣe pọ́n-ùn 20?

Bí tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ bá jẹ, èrè nìkan ni ilé ń san, wọn kì í dá pọ́n-ùn 20 náà padà. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń fi tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ ga. Ká ní o fi sí ẹgbẹ́ kan ní 5.00, tí ìhà kejì rẹ̀ sì wà ní 5.20. Iye tí o máa fi sí ìhà kejì jẹ́ pọ́n-ùn 15.44. Bí ẹgbẹ́ náà bá borí, o gba pọ́n-ùn 80, o san pọ́n-ùn 64.85, pọ́n-ùn 15.15 ló kù. Bí kò bá borí, tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ kú, àmọ́ ìhà kejì fún ọ ní pọ́n-ùn 15.13. Yọ 60 pẹ́ńsì ti àkọ́kọ́ kúrò, èrè rẹ kù bíi pọ́n-ùn 14.50.

Èrè gidi ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó bá a rìn: ọjà kejì yóò ti pọ́n-ùn 64.85 rẹ mọ́lé títí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ á fi parí, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé o lè san án. Ẹni tí kò ní pọ́n-ùn 65 tó lè fi sílẹ̀ kò lè gba pọ́n-ùn 15 náà. Ẹ̀bùn oníbàárà tuntun sì wà fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé bá tán, ẹ̀bùn ńlá tán nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti South Africa ní Bouaké lè pa ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọjọ́ 7 oṣù kejì 2024 ni, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí Côte d'Ivoire gbà lálejò. Nàìjíríà gbá ọ̀mì 1–1 pẹ̀lú South Africa, àfikún àsìkò kò yí i padà, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú pẹnáritì 4–2. Gbogbo Nàìjíríà ló yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tẹ́tẹ́, “Nàìjíríà yóò borí” túmọ̀ sí pé yóò borí láàárín ìṣẹ́jú 90 àti ìṣẹ́jú tí adájọ́ bá fi kún un. Lójú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ọ̀mì ni ọjọ́ náà.

Ká ní ẹnìkan rí 2.10 fún Nàìjíríà ní ilé tẹ́tẹ́, tó tún rí 1.50 ní ọjà kejì. Ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Ó fi pọ́n-ùn 20 síbí, pọ́n-ùn 28.38 sọ́hùn-ún, ìṣirò sì sọ pé pọ́n-ùn 7.81 yóò jẹ́ tirẹ̀ láìsí tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ rárá. Ohun tí kò kà ni pé 2.10 jẹ́ ti ìṣẹ́jú 90, nígbà tí 1.50 jẹ́ ti “ẹni tí yóò dé ìparí ìdíje”. Pẹ̀lú ọ̀mì àti pẹnáritì ọjọ́ yẹn, pọ́n-ùn 20 kú ní ilé tẹ́tẹ́, ó sì tún san pọ́n-ùn 14.19 ní ọjà kejì. Pọ́n-ùn 34.19 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmì tó yẹ kó dẹ́rù bà á ni adùn ìyàtọ̀ náà. Ọ́ọ̀dì ìhà méjì ohun kan náà kì í jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jìnnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ilé tẹ́tẹ́ lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti parí?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé tẹ́tẹ́ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé bí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ àṣìṣe tó hàn kedere, àwọn lè pa tíkẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ tàbí kí wọ́n san án ní ọ́ọ̀dì tó tọ́. Padà sí àpẹẹrẹ tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ wa. Ẹgbẹ́ náà borí, ilé ní àṣìṣe ni 5.00, wọ́n pa á rẹ́. Ọjà kejì kò mọ̀ nípa ìyẹn. Pọ́n-ùn 64.85 ti lọ, kò sì sí pọ́n-ùn 80 tí yóò dí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Àwọn ewu kéékèèké mìíràn náà wà. Ọ́ọ̀dì lè yí padà láàárín ìgbà tí o ta ìhà kìn-ín-ní àti ìkejì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ. Ìka lè tẹ “yóò borí” níbi tó yẹ kó tẹ “kò ní borí”, tí ìhà méjèèjì á sì wá dojú kọ ibì kan náà. Èrè inú iṣẹ́ yìí kéré lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àṣìṣe kan ṣoṣo lè jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Niangon, ìhà kejì gan-an ló sọnù?

Niangon jẹ́ apá kan Yopougon ní Abidjan, ìlú tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran. LONACI, ilé lọ́tìrì ìjọba Côte d'Ivoire, ti wà láti 1970, òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù karùn-ún 2020 ló sì ń darí tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì ní orílẹ̀-èdè náà báyìí. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí kíóósì àti áàpù ń tà jẹ́ èyí tí ilé fúnra rẹ̀ dá ọ́ọ̀dì lé. O lè sọ pé ẹgbẹ́ kan yóò borí. Kò sí ẹni tí yóò gba tẹ́tẹ́ rẹ bí onílé.

Ọ̀nà kan tí ẹni tó bá fẹ́ ìhà kejì lè gbà ni kó ra èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀mì, ẹgbẹ́ kejì. Ká ní ọ́ọ̀dì wọn jẹ́ 2.30, 3.10 àti 3.20. Kí o tó lè ní ìdánilójú pé 10,000 séfà yóò wọlé, èyí tó wù kó ṣẹlẹ̀, wàá fi 4,348 sí àkọ́kọ́, 3,226 sí ọ̀mì, 3,125 sí ìkẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,699. O san 10,699 kí o lè gba 10,000. Séfà 699 náà ni èrè ilé tó fara pamọ́ sínú ọ́ọ̀dì, bíi 6.5 nínú gbogbo 100. Ní London, owó ìwọlé jẹ́ 60 pẹ́ńsì lórí pọ́n-ùn 20, ìyẹn 3 nínú 100. Níbí ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àdéhùn bónọ́ọ̀sì lè jẹ bónọ́ọ̀sì náà tán?

Bónọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ bíi ti London. Wọ́n á ní: fi 10,000 séfà sílẹ̀, a ó fi 10,000 kún un. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn: o gbọ́dọ̀ yí bónọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀marùn-ún kí o tó lè gbà á, orí kọ́ńbínẹ́ nìkan ni o sì lè yí i, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, tí ọ́ọ̀dì ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kéré sí 1.40.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún 10,000 jẹ́ 50,000 séfà tẹ́tẹ́. Nínú kọ́ńbínẹ́, èrè ilé ń jẹ owó rẹ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ilé bá ń mú 6.5 nínú 100, séfà 100 á di 93.5 lẹ́yìn àkọ́kọ́, 87.4 lẹ́yìn ìkejì, 81.7 lẹ́yìn ìkẹta. Ìyẹn ni pé lápapọ̀, 18.3 ló ń lọ nínú gbogbo 100. Lórí 50,000, ó jẹ́ 9,150 séfà. Bónọ́ọ̀sì 10,000 ti di 850 kí owó ìfiránṣẹ́ mobáìlì mọ́nì tó yọ tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé 850 yẹn gan-an kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí?

Ìṣirò àárín ni. Ká ní o ní 20,000 nínú àkáǹtì, o sì pín 50,000 náà sí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, 5,000 séfà ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́ta ní 1.40. Ọ́ọ̀dì tíkẹ́ẹ̀tì kan á jẹ́ 2.744, bó bá jẹ, ó san 13,720. Bí èrè ilé ṣe rí yìí, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni yóò jẹ. Bó bá jẹ́ méjì péré ló jẹ, 27,440 ló wọlé. Fi 20,000 tí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kún un, kò tó 50,000, owó á tán kí o tó parí. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá gba ọ̀nà yìí, ó kéré tán bíi mẹ́rin ni tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ kò ní ju méjì lọ. Bónọ́ọ̀sì á lọ, 10,000 tirẹ̀ náà á bá a lọ.

O kò sì lè ta ìhà kejì kọ́ńbínẹ́ náà níbikíbi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ London àti ọ̀rọ̀ Niangon ti pínyà pátápátá. Ẹni tó bá ń ta ọgbọ́n náà fún ọ ní Yopougon pẹ̀lú ìlérí pé kò sí àdánù, ó ń lo ìṣirò ọjà tí kò sí níwájú rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí o fi yá ẹlòmíràn lè sọ owó di òkú?

Nígbà tí ẹ̀bùn àkáǹtì tirẹ̀ bá tán, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí á máa wá orúkọ: ti àbúrò, ti ìyàwó, ti ọmọ iṣẹ́. Ilé tẹ́tẹ́ ń wo fóònù, àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà mobáìlì mọ́nì tí owó ń gbà wọlé. Bí àkáǹtì mẹ́rin bá ń ti fóònù kan jáde, wọn kì í sábà dá ọ dúró nígbà tí o ń fi owó sílẹ̀. Ìgbà tí o bá fẹ́ gba owó jáde ni wọ́n á béèrè káàdì ìdánimọ̀. Àdéhùn wọn sọ pé ẹnìkan, àkáǹtì kan, wọ́n sì lè gba bónọ́ọ̀sì àti èrè padà. Ẹni tó bá fi VPN díbọ́n pé London ni òun wà náà á dé ibẹ̀: wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí ibùgbé wá. Ẹni tó fi káàdì rẹ̀ yá ọ̀rẹ́ sì wà nínú ewu tó tóbi jù, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí gbogbo owó tó gbabẹ̀ kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ilé tẹ́tẹ́ kì í lé ọ nítorí pé o jẹ lẹ́ẹ̀kan?

Ẹni tó fi 500 séfà jẹ mílíọ̀nù kan lórí kọ́ńbínẹ́ ọlọ́pọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ ìpolówó fún ilé. Wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò padà wá, àti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún á tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọn kò fẹ́ ni ẹni tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, nítorí ìyẹn ń sọ pé ọ́ọ̀dì tí ó ń rà tọ́ ju iye tí wọ́n tà á lọ.

Ẹ̀bùn ilé tẹ́tẹ́ dà bí ènì tí ìyálọ́jà ń fi sí gàrí: ó ń fi í fa oníbàárà tí yóò máa rà. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ oníhà méjì ń wá gba ènì láìra gàrí. Kò rú òfin. Ṣùgbọ́n ilé tó ń fi 6.5 nínú 100 jẹun kò rí nǹkan kan jẹ lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè dá ọ mọ̀ kí o tó jèrè rárá?

Wọn kì í dúró de ìgbà tí o bá jẹ. Wọ́n ń fi ọ́ọ̀dì tí o rà wé ọ́ọ̀dì tó wà nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ra ẹgbẹ́ kan ní 2.20 láàárọ̀, tó wá di 2.00 ní ìrọ̀lẹ́, o ra á ní owó tó dára ju ti ọjà lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì náà lè kú, kò já mọ́ nǹkan kan. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n ti mọ ohun tí o jẹ́.

Ti oníhà méjì tún rọrùn láti rí: ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá wà nìkan ló ń ta, iye tí ẹ̀bùn béèrè gẹ́lẹ́ ló ń fi sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ ní ilé náà sún mọ́ ti ọjà kejì jù lọ ló ń yàn, ó sì ń gba owó rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn ASEC tàbí Super Eagles kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àkáǹtì tí wọ́n há mọ́ kì í sábà tì pátápátá?

Wàá ṣì lè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò ní dé mọ́. Tàbí kí o tẹ 20,000 séfà, kí ojú ìwé dáhùn pé iye tó pọ̀ jù tí o lè fi sí i ni 340. Wọ́n ti fi ìwọ̀n kan sí orúkọ rẹ: bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹlòmíràn lè ta ni tìrẹ. Owó tó ti wà nínú àkáǹtì ṣì jẹ́ tìrẹ, ìgbà yìí gan-an ló sì yẹ kí o gbà á jáde.

Ní ọdún 2017, Lisandro Kaunitz àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ń wá ilé tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ ga ju àárín ti gbogbo ilé yòókù lọ, wọ́n sì ń rà á. Wọ́n fi owó gidi dán an wò fún oṣù mélòó kan, wọ́n jèrè, àwọn ilé tẹ́tẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tí wọ́n lè ta kù títí iṣẹ́ náà kò fi ṣeé ṣe mọ́. Ìmọ̀ wọn kò kùnà. Ẹni tí yóò gba tẹ́tẹ́ wọn ni kò sí mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé nínú kíóósì Niangon kan náà, tẹ́tẹ́ kan wà tí kò bẹ̀rù ẹni tó ń jẹ?

PMU ni, tẹ́tẹ́ ẹṣin. Joseph Oller ló gbé ọ̀nà rẹ̀ kalẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1867. Gbogbo owó àwọn tó ta tẹ́tẹ́ ń wọ inú àpò kan, ilé á yọ tirẹ̀, àwọn tó jẹ á pín èyí tó kù. Bí ọlọ́gbọ́n kan bá ń jẹ lójoojúmọ́, owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó, kì í ṣe ti ilé. Ilé kò nídìí láti há a mọ́. Ní ìhà tirẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ohun tí ilé ń yọ ṣáájú ìpín ló ń mú kó ṣòro láti jèrè.

Betfair náà wà ní ipò tó jọ ìyẹn, ó sì fi ṣe ìpolówó pé ẹni tó ń jẹ káàbọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2008, ó gbé owó àfikún lé àwọn tó ń jẹ jù lọ lórí, ní 2011 ó sì gbé e ga dé 60 nínú 100 èrè fún àwọn díẹ̀ tó wà lókè pátápátá. Bí ẹni díẹ̀ bá ń kó owó àwọn yòókù tán, àwọn yòókù á kúrò lọ́jà, kọ́míṣọ̀n á sì gbẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òfin gbà kí ilé tẹ́tẹ́ kọ owó rẹ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án 2007 tí òfin tẹ́tẹ́ ti 2005 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbèsè tẹ́tẹ́ ṣeé gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ tí ilé ti gbà nìyẹn. Kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kó gba èyí tí o fẹ́ ta lọ́la. New South Wales ní Australia lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2014, wọ́n ṣe é lófin pé fún eré ẹṣin, ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà títí dé iye kan, ì báà jẹ́ ẹni tó ń jẹ. Ní Massachusetts, ní oṣù karùn-ún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ pe àwọn ilé láti wá ṣàlàyé ní gbangba ìdí tí wọ́n fi ń há oníbàárà mọ́. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò yọjú. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó wá.

Ti bónọ́ọ̀sì náà ń yí padà. Ní 2025, àjọ tẹ́tẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ilé kankan kò gbọdọ̀ béèrè kí oníbàárà yí bónọ́ọ̀sì po ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́ta lè tú àṣírí ìlérí náà?

Bí ẹnìkan bá wá bá ọ ní Niangon pé òun á kọ́ ọ ní tẹ́tẹ́ tí kì í kú, bi í pé: níbo ni mo ti máa ta ìhà kejì? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo gbọ́dọ̀ yí bónọ́ọ̀sì po, orí tíkẹ́ẹ̀tì wo sì ni? Orúkọ ta ni àkáǹtì náà máa jẹ́? Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ “kò sí”, ohun tó kù jẹ́ tẹ́tẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Bí ìkejì bá jẹ́ kọ́ńbínẹ́, ìwọ fúnra rẹ ti mọ ìṣirò tó ń jẹ ẹ́ tán. Bí ìkẹta bá jẹ́ orúkọ rẹ fún owó rẹ̀, má gbà.

Ewu kan tún wà tí ìṣirò kì í fi hàn. Ẹni tó ti ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ mẹ́wàá nítorí èrè tó dájú ti ní ilẹ̀kùn mẹ́wàá tó ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èrè náà bá tán. Ọjọ́ tí wọ́n bá há a mọ́, tàbí tí ìhà kan bá kú lórí rẹ̀, á máa wù ú láti ta ìhà kan ṣoṣo kó lè gba owó rẹ̀ padà. Bí ọkàn rẹ bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kó gbogbo owó tó wà níbẹ̀ jáde, kí o sì ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Owó tí o fi ń ra ọjà àti owó iléèwé ọmọ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.